Lẹ́tà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà: ta ni kí a jẹ́ kó wọlé sórí àkójọ íméèlì ìlú?

Akọ̀wé Ìjerò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní àkójọ íméèlì, èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó o. Mailman orí cPanel ni ẹ̀rọ tó ń pín lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nílẹ̀ máa ń dúró dè mí. Alága ní kí n máa fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ àwọn ń pẹ́. Akápò ní kí n da gbogbo èyí tí n kò bá mọ ẹni tó kọ ọ́ nù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

---

Tẹ́jú Adó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan, ẹ kọ́kọ́ ka ìdí tí ẹ̀rọ fi dá lẹ́tà náà dúró. Ó wà lókè lẹ́tà, níbi tí wọ́n kọ `Reason` sí. Bí ẹ bá rí `Post by non-member to a members-only list`, ìyẹn ni pé àdírẹ́sì tí ẹni náà fi kọ̀wé kò sí lórí ìwé. Bí ẹ bá rí `Post to moderated list`, ọmọ ẹgbẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tàbí ẹ̀rọ ti fi àmì sí i pé kí lẹ́tà rẹ̀ máa dúró. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò jọra, bẹ́ẹ̀ a máa ń kó wọn pọ̀ ká pe gbogbo wọn ní àjèjì.

Mo ti bójú tó àkójọ ọmọ ìlú àti ti àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́. Ohun tí mo rí ni pé, nínú àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé kò mọ̀, tí wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe àjèjì rárá. Ọmọ ìlú kan fi àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó sínú ọkọ̀ láti Àkúrẹ́, ó fi fóònù dáhùn lẹ́tà kan, Gmail rẹ̀ ló sì wà lórí fóònù. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Bí akápò bá ní kí ẹ da irú rẹ̀ nù, ọmọ yín lẹ ń dà nù, kò sì ní mọ̀. Yóò máa rò pé àwọn èèyàn rí ọ̀rọ̀ òun, wọ́n kàn dákẹ́ ni.

Ti irú wọn kò le. Ẹ fọwọ́ sí lẹ́tà náà, kí ẹ wá fi àdírẹ́sì kejì kún orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì fàmì sí `nomail` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò lè fi í kọ̀wé, àmọ́ lẹ́tà kò ní máa dé bá a lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti bọ́tìnì: `Approve` gbé e jáde fún gbogbo àwọn tó wà lórí àkójọ. `Defer` fi í sílẹ̀ níbi tó wà. `Reject` dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ pẹ̀lú àlàyé. `Discard` gbá a dànù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó yẹ ká lo `Reject` àti ìgbà tó yẹ ká lo `Discard` gan-an ni àríyànjiyàn pọ̀ sí.

---

Ṣẹ́gun Ìkọ̀lé

Ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Gbogbo lẹ́tà ló ní orí tí a kì í sáàbà rí. Ẹ ṣí i, ẹ wo ibi tí `Authentication-Results` wà. Bí àyẹ̀wò `spf` àti `dkim` bá jẹ́ `pass`, ojúlówó ni lẹ́tà, ẹ fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ `fail`, ẹ dà á nù. Ó tán.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ kí àwọn tó ń fi Gmail kọ̀wé máa dúró, ẹ lọ sínú `accept_these_nonmembers`, kí ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo yìí síbẹ̀:

```
^.*@gmail\.com$
```

Àlàáfíà yóò dé, alága yóò sì sinmi.

---

Tẹ́jú Adó

Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé kọ ìlà yẹn. Ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí gbogbo ẹni tó bá ní Gmail láyé máa kọ̀wé sí àwọn ọmọ Ìjerò láìdúró. Ọ̀fẹ́ ni Gmail, kò sí gbájúẹ̀ tí kò lè ṣí i. Bí ibi iṣẹ́ kan bá ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tí kì í fún ará ìta, ẹ lè kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún un. Kódà níbẹ̀, àdírẹ́sì tí ìlà yẹn bá gbà, ẹni tó bá yà á lò wọlé náà nìyẹn.

Ẹ rí apá kan òótọ́ lórí `pass`. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò gbà pé lẹ́tà náà jáde lórúkọ òun, ibẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú `From`. Kò sọ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ṣí àdírẹ́sì lónìí tí mo kọ orúkọ yín sí i, tí mo fi kọ̀wé, `pass` ni yóò jẹ́, èmi kò sì tíì di Ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gidi kan sì wà tí lẹ́tà wọn lè jẹ́ `fail`, nítorí pé ó gba ibòmíràn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà `fail` lè jẹ́ kí ẹ túbọ̀ lajú, ṣùgbọ́n `pass` kò tó láti fi ṣílẹ̀kùn.

---

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Mo kí gbogbo yín. Èmi náà ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ṣáájú ìsìnkú ìyá wa ni mo ti ń fi ìwé ètò ìsìnkú ránṣẹ́ sí àkójọ ti ìlú wa, kò jáde títí a fi sin ìyá. Kì í ṣe ẹni tí wọn kò mọ̀ ni mí. Mo wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ṣé alábòójútó ní ohun kan lòdì sí ìdílé wa ni?

---

Tẹ́jú Adó

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Ọlọ́run á tu ìdílé nínú. Ọ̀rọ̀ yín kò kan bóyá wọ́n mọ̀ yín. Ṣé ìwé ètò yẹn ní àwòrán nínú? Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, 40 KB ni Mailman ń gbà, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò dúró. Àwòrán kan ṣoṣo láti orí fóònù ju ìyẹn lọ dáadáa. Ohun tí alábòójútó yín máa rí ni `Message body is too big`, iye rẹ̀ á sì wà níwájú rẹ̀.

Ẹ ní kó yẹ ibẹ̀ wò. Bí `max_days_to_hold` bá wà ní 0, lẹ́tà yín ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi iye ọjọ́ kan sí i, ẹ̀rọ ti gbé e dànù fúnra rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ pé. Ìkéde ọjọ́, àkókò àti ibi tí ìsìnkú yóò ti wáyé, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà gan-an, kí ìwé ètò tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

---

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Ó ní àwòrán mẹ́rin. Mo dúpẹ́. Màá bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

---

Màmá Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lórí àkójọ tiwa, ti àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́. Akọ̀wé Ìjerò, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹnì kan forúkọ sílẹ̀, ó ní òun ni ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí gbogbo wa mọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: ó kí wa káàárọ̀, ó dúpẹ́ pé a gba òun wọlé, ó ṣàdúrà fún wa. Kò sí nǹkan tó burú nínú rẹ̀, mo sì jẹ́ kó jáde. Àmọ́ ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, àpótí kékeré kan wà tó kà báyìí: `Clear this member's moderate flag`. Bí ẹ bá fàmì sí i, ẹni náà ti dòmìnira nìyẹn, lẹ́tà rẹ̀ kò ní dúró mọ́. N kò fàmì sí i. Ìkíni lásán kò fi hàn mí pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, lẹ́tà kejì dé. Ó ní bàbá ti dágbére fáyé, pé ìsìnkú kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dá owó fi sínú àkáǹtì báyìí báyìí. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Mo ṣí orí lẹ́tà náà. Bó ṣe rí nìyí, mo ti yí orúkọ àti àdírẹ́sì padà:

```
From: "Kola O." <kola.family@example.com>
Reply-To: burial.committee@example.net
Authentication-Results: mx.example.org; spf=pass; dkim=pass
```

Ṣẹ́gun, `pass` ni o. Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni `Reply-To`. Ọmọ olóògbé kọ̀wé láti àdírẹ́sì kan, ó fẹ́ kí ìdáhùn wa lọ sí òmíràn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ rí. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìgbìmọ̀ ìsìnkú lè ní àdírẹ́sì. Mo tún ka lẹ́tà náà. Kò sí orúkọ àdúgbò bàbá, kò sí orúkọ ilé wọn, kò sí ìjọ tí wọn yóò ti ṣe ìsìn. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń kéde òkú ní Èkìtì. Bí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bá ń kéde ikú bàbá rẹ̀, yóò sọ ibi tí wọn yóò gbé e sí kó tó sọ ibi tí owó yóò gbà wọlé. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà kò sì bá ti ìdílé náà mu.

N kò pe nọ́ńbà inú lẹ́tà, nítorí ẹni tó kọ lẹ́tà ló máa gbé e. Mo lọ sínú ìwé orúkọ tí ẹgbẹ́ ti ní láti ìgbà pípẹ́, mo pe nọ́ńbà ilé bàbá. Bàbá fúnra wọn ló gbé fóònù. Wọ́n ní àwọn ń jẹ iyán lọ́wọ́.

Mo `Discard` lẹ́tà náà, mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo sì fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ mọ́. Ká ní mo ti tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ìkíni yẹn ni, lẹ́tà ikú ì bá ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa kí n tó jí.

---

Tẹ́jú Adó

Màmá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí akọ̀wé gbé lọ nìyẹn gan-an. Ìdájọ́ méjì ló wà níwájú yín lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́: ṣé lẹ́tà yìí yẹ kó jáde? Ìkejì: ṣé ẹni yìí yẹ kó máa kọ̀wé láìdúró? Ẹ lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ pé kò tíì yá sí ìkejì. Alága rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n, akápò rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbọ́ ara wọn yé.

Gbájúẹ̀ mọ̀ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ni a máa ń yẹ̀ wò dáadáa. Nítorí náà yóò fi ìkíni ránṣẹ́, yóò fara balẹ̀. Èmi kì í tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lórí ìkíni, àdúrà tàbí «mo fara mọ́ ọn». Mo máa ń dúró dìgbà tó bá sọ ohun kan tí ará ilé nìkan lè sọ: tó dáhùn ìbéèrè nípa ojú ọ̀nà ìlú, tó tún orúkọ ẹnì kan ṣe, tàbí tí ọmọ ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ dá a lóhùn pé «ẹ káàbọ̀, ṣé ara yá, àwọn ọmọ ńkọ́?» Tí ojúlùmọ̀ bá jẹ́rìí sí i, mo fàmì sí àpótí náà.

Ẹ yẹ `default_member_moderation` wò kó wà ní `Yes`, kí gbogbo ẹni tuntun lè gba ibẹ̀ kọjá. Kì í yí ti àwọn tó ti wà nílẹ̀ padà.

---

Dàpọ̀ ọmọ Ọyẹ́ (Houston)

Mo gbà fún Màmá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà alága díẹ̀. Ọmọ Èkìtì tòótọ́ ni mo jẹ́, lẹ́tà mi sì dúró títí ètò tí mo kọ ọ́ fún fi kọjá. Alábòójútó wà ní Nàìjíríà, ó ti sùn. Ní ọ̀dọ̀ wa ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹni tó kéde òkú gidi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ fún ìsìnkú Ọjọ́ Ẹtì, kí ni àǹfààní ìfọ̀wọ́sí tó bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Àtìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kó lọ sórí WhatsApp.

---

Màmá Ìkẹ́rẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, ọmọ mi. Àmọ́ bí lẹ́tà bá ti dárúkọ owó, ì báà pẹ́, kò ní jáde lọ́wọ́ mi kí n tó fetí ara mi gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú ìdílé náà.

---

Tẹ́jú Adó

Ohun tó ń mú kó pẹ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mailman ní pásíwọ̀ọ̀dù méjì fún irú iṣẹ́ yìí: ti ẹni tó ni àkóso gbogbo nǹkan, àti ti alábòójútó lẹ́tà nìkan. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ẹ fi tiyín pamọ́, kí ẹ fún ẹnì kan bíi Dàpọ̀ ní ti alábòójútó. Yóò lè wo àwọn lẹ́tà tó dúró, yóò lè fọwọ́ sí wọn, kò sì ní lè yí ètò àkójọ padà. Houston fi bíi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí ẹ bá sùn, ojú rẹ̀ ṣì là.

Kí ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun kan ṣáájú: ìkéde tí kò ní owó nínú, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i kó fọwọ́ sí i. Èyí tó ní àkáǹtì nínú, `Defer` títí ẹnì kan á fi pe ìdílé. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ lè fúnra yín kéde ikú tí ẹ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí lẹ́tà owó ṣì dúró.

---

Akọ̀wé Ìjerò

Mo ń gbọ́. Mo ti yan ẹnì kan nílùú London. Ṣùgbọ́n `Reject` ńkọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kan, ọmọ ìlú gidi, kọ lẹ́tà gígùn lórí ìdìbò, ó bú àwọn ìdílé kan. N kò fẹ́ kó jáde, n kò sì fẹ́ kó bínú lọ.

---

Tẹ́jú Adó

Irú èyí ni `Reject` wà fún: èèyàn gidi, tí ẹ mọ̀ dájú pé òun ló kọ ọ́, tí ẹ sì fẹ́ kó tún un kọ. Ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ wo inú àpótí àlàyé, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni `Your message was deemed inappropriate by the moderator.` Bí ẹ bá fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, láìsí ìkíni, láìsí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ kí i, ẹ sọ ìpínrọ̀ tó dùn yín, ẹ ní kó yọ orúkọ àwọn ìdílé náà kúrò kó tún fi ránṣẹ́. Bó bá ju yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ìpolówó ayédèrú ńkọ́? Ẹ má `Reject` rẹ̀ láéláé. Àwọn tó ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ máa ń ya àdírẹ́sì ẹni ẹlẹ́ni lò. Ìdápadà yín yóò lọ bá aláìṣẹ̀ kan tí kò gbọ́ orúkọ Ìjerò rí. Bó bá pọ̀, àwọn tó ń gba íméèlì lágbàáyé yóò ka ẹ̀rọ yín mọ́ àwọn tó ń da ìdọ̀tí, lẹ́tà gidi yín náà kò sì ní wọlé mọ́. `Discard` ni.

---

Ṣẹ́gun Ìkọ̀lé

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, `respond_to_post_requests` náà ńkọ́? Ẹ̀rọ máa ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá dúró pé «ó ń dúró de alábòójútó». Ṣé ìyẹn kì í lọ bá aláìṣẹ̀?

---

Tẹ́jú Adó

Ó ń lọ bá a. Àbúrò, ìbéèrè gidi lẹ béèrè. Èmi máa ń pa á, mo fi sí `No`.

---

Dàpọ̀ ọmọ Ọyẹ́ (Houston)

Èmi kò fara mọ́ ìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá pa á, báwo ni ọmọ ìlú tó fi àdírẹ́sì kejì kọ̀wé ṣe máa mọ̀ pé lẹ́tà òun wà níbì kan? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ níbẹ̀rẹ̀ pé yóò rò pé àwọn èèyàn kàn dákẹ́ ni.

---

Tẹ́jú Adó

Ohun tí mo ń rò ni pé bí alábòójútó méjì bá ń wo ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́tà gidi kò ní dúró pẹ́ débi tí ẹni náà yóò fi nílò ìdáhùn ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni kan ṣoṣo, tí iná kò sì dúró, mo rí ohun tí ẹ ń sọ. N kò tíì rí àkójọ tó rí méjèèjì gbà pọ̀.

---

Akọ̀wé Ìjerò

Mo ṣí gbogbo èyí tó dúró nílẹ̀, mo ń ka `Reason` wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ èèyàn wa tó fi fóònù kọ̀wé, mo ń fi àdírẹ́sì kejì wọn kún un báyìí. Ìpolówó oògùn ni ìyókù, mo ti dà wọ́n nù. Ó ku lẹ́tà kan láti ọwọ́ ẹni tó ní òun jẹ́ ọmọ Ìjerò tó wà ní Kánádà, ó kan kí wa ni. Yóò jáde. Àpótí kékeré yẹn, n kò ní fọwọ́ kàn án.

Ní ti ìdáhùn ẹ̀rọ, mo fi í sílẹ̀ ní `Yes` títí ẹni tó wà ní London yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti pa tirẹ̀ rí, kó sọ fún wa bóyá àwọn èèyàn ráhùn.